OTP tó ń wọlé nígbà tí ẹ bá ń fi káàdì ra ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Bálógun ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ wa wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ni kì í sọdá afárá mọ́. Láti Súrùlérè, Ìkẹjà, Kétu àti Yábàá ni wọ́n ti ń yan aṣọ lórí fóònù, tí wọ́n sì ń fi káàdì sanwó. Ọ̀rọ̀ ìsanwó ni èmi ń bójú tó níbẹ̀. Ìbéèrè lórí OTP, ìyẹn nọ́ńbà alẹ́ẹ̀kanṣoṣo tí ẹ máa ń tẹ̀ kí ìsanwó tó lè parí, ló pọ̀ jù nínú ìpè tí mo ń gbà, nítorí náà mo kọ ìdáhùn wọn síbí.

Ta ló ń fi OTP ránṣẹ́ sí mi? Ṣé ṣọ́ọ̀bù yín ni?

Rárá o. Báǹkì tó fún yín ní káàdì ni. Àwa kọ́ la ń ṣe nọ́ńbà náà, a kì í sì í rí i. Bí ẹnì kan bá pè yín pé láti ṣọ́ọ̀bù wa lòun ti ń pè, tó ní kí ẹ ka OTP sí òun létí kí òun lè parí ọjà yín, ẹni yẹn kì í ṣe ara wa.

Kí ló dé tí nọ́ńbà tó wà lójú káàdì kò fi tó?

Nígbà tí ẹ bá ki káàdì bọ POS lọ́jà, ṣípù kékeré tó ń dán lójú káàdì náà ló ń bá báǹkì sọ̀rọ̀. Fún owó kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá san, ó máa ń ṣe èdìdì tuntun kan tí báǹkì nìkan lè yẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní káàdì gan-an lọ́wọ́ kò lè ṣe irú èdìdì bẹ́ẹ̀. PIN yín tún wà lórí ìyẹn.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣípù kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń tẹ̀ ni nọ́ńbà gígùn iwájú káàdì, oṣù àti ọdún tí káàdì máa parí, àti CVV, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sára káàdì fún ẹnikẹ́ni tó bá rí i. Ẹni tó bá gba káàdì lọ́wọ́ yín fún ìṣẹ́jú kan ní ilé epo tàbí ilé oúnjẹ lè ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì lọ fi ra ọjà lóru. Báǹkì kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹ̀yin.

Nítorí èyí ni Visa ṣe gbé ètò kan jáde ní nǹkan bí 2001, tí Mastercard sì tẹ̀lé e. 3-D Secure ni orúkọ rẹ̀. Èyí tí à ń lò báyìí jẹ́ àtúnṣe tó jáde ní 2016, wọ́n sì ti pa ti àtijọ́ tì ní 2022. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí báǹkì lè béèrè nǹkan kan tí wọn kò kọ sára káàdì. Síìmù tó wà nínú fóònù yín ni nǹkan náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí mo bá ti tẹ Pay títí dìgbà tí OTP á dé?

Ẹ jẹ́ ká mú oníbàárà kan ní Súrùlérè. Ó yan áńkárá lọ́dọ̀ wa, iye rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹni tó máa gbé e lọ jẹ́ ₦24,500. Káàdì Visa ló fẹ́ lò. Ó kọ ohun tó wà lára káàdì náà, ó tẹ Pay.

Nọ́ńbà káàdì rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbowó ló gbà á; irú wọn ni Paystack, Flutterwave àti Interswitch. Ẹ̀rọ wọn wo nọ́ńbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó ṣáájú lójú káàdì, nítorí àwọn yẹn ló ń sọ báǹkì tó ni ín. Ìbéèrè wá gba ọ̀dọ̀ Visa lọ sí ẹ̀rọ kan ní báǹkì arábìnrin yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ bóyá oníkáàdì gan-an ló ń rajà. Ìbéèrè náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Iye owó wà nínú rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni irú fóònù tó ń lò àti ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń wá.

Báǹkì á fi èyí wé ohun tó ti mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóònù tó máa ń lò, ṣọ́ọ̀bù tó ti máa ń rajà, àti owó tí kò ju èyí tó máa ń ná lọ, báǹkì lè jẹ́ kó kọjá láìbéèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n arábìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fóònù, kò sì tíì ra nǹkan lọ́dọ̀ wa rí. Báǹkì ní kí òun béèrè.

Ó ṣe OTP nọ́ńbà mẹ́fà, ó so ó mọ́ ìsanwó yẹn nìkan, ó sì fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé báǹkì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí arábìnrin náà kọ sójú ewé wa kí ẹni tó ń gbé ọjà lè pè é kò kan báǹkì rárá. Bí olè bá jí nọ́ńbà káàdì rẹ̀, tó wá kọ nọ́ńbà fóònù tara rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, kò ní rí OTP náà gbà. Fóònù arábìnrin náà ni yóò dún.

Ní àkókò yìí, ewé kékeré kan á yọ lórí ewé wa. Ó lè dà bíi pé àwa la ni ín, ṣùgbọ́n ti báǹkì ni. Ibẹ̀ ló tẹ OTP sí. Báǹkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òun ni òun ṣe é àti pé àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá, ó sì fi èdìdì kan ránṣẹ́ padà sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbowó. Ohun tí èdìdì náà ń sọ ni pé báǹkì ti dá oníkáàdì mọ̀. Títí di ìsinsìnyí, kọ́bọ̀ kan kò tíì kúrò nínú àkáǹtì arábìnrin yìí.

Ìgbà tí èdìdì dé ni wọ́n tó so ó mọ́ ìbéèrè kejì, tí í ṣe ti owó gan-an: ṣé ₦24,500 wà níbẹ̀, ṣé a lè mú un? Ìdáhùn sí ìyẹn ni álááàtì tó máa dé fóònù rẹ̀. Gbogbo ìrìn yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, dídúró de atẹ̀jíṣẹ́ àti títẹ̀ ẹ́ ló sì ń gba àkókò jù nínú rẹ̀.

Mo tẹ OTP dáadáa, wọ́n ṣì ní owó kò lọ. Ṣé OTP náà ló bàjẹ́?

Kì í ṣe OTP. Ìbéèrè méjì ló wà, bí ẹ ṣe kà á lókè: ṣé ẹ̀yin ni, àti ṣé owó wà. Ẹ ti yege nínú ti àkọ́kọ́, ti ìkejì ló kọ̀. Ẹ wo ohun tí ojú ewé kọ. Bí ó bá jẹ́ "Insufficient funds", owó kò tó, tàbí kí ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó tó. Bí ó bá jẹ́ "Do not honor", báǹkì kọ̀ láìsọ ìdí rẹ̀ fún wa, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè sọ ọ́ fún. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ ti kọjá iye tí káàdì yín lè ná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóòjọ́, tàbí pé ẹ kò tíì ṣí káàdì náà fún ìsanwó íńtánẹ́ẹ̀tì nínú áàpù báǹkì yín. Bí ẹ bá béèrè OTP mìíràn nígbà mẹ́wàá, kò sí èyí tó máa yí padà nínú ìwọ̀nyí.

Káàdì Verve mi béèrè PIN lójú ewé kí OTP tó dé. Ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ nìyẹn?

Ó yẹ kí ẹ fura, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ní Nàìjíríà, Verve àti àwọn káàdì náírà mìíràn máa ń gba ọ̀nà yìí: ewé ilé-iṣẹ́ agbowó á béèrè PIN, OTP á wá tẹ̀lé e, orí ewé yẹn kan náà lẹ ó sì ti tẹ̀ ẹ́. Kò ní gbé yín lọ sí ewé báǹkì bíi ti Visa. Ọ̀nà tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fi kún iṣẹ́ yín láti wo àdírẹ́sì tó wà lókè ojú ewé kí ẹ tó tẹ PIN. Orúkọ ilé-iṣẹ́ agbowó tí ẹ mọ̀ ni kó wà níbẹ̀, kí ẹ ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kàn jọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ló ń béèrè PIN, yálà lórí fóònù tàbí lórí WhatsApp, kò sí ọ̀nà tòótọ́ kankan tó rí bẹ́ẹ̀.

OTP kò dé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ dúró bí ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó tẹ Resend. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fa atẹ̀jíṣẹ́ sẹ́yìn, pàápàá nírọ̀lẹ́.

Bí kò bá wá síbẹ̀, ẹ bi ara yín nípa nọ́ńbà tó wà ní báǹkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí àkáǹtì pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ti pa tì. Èyí léwu ju kí OTP má dé lọ. Gẹ́gẹ́ bí òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti láìnì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọjọ́ 180 pa, bí ọjọ́ 180 mìíràn bá sì tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Ìyẹn ni pé OTP yín lè máa lọ sí fóònù àjèjì kan ní Mushin, tí kò mọ̀ yín rí. Ẹ lọ pààrọ̀ nọ́ńbà náà ní báǹkì kí ẹ tó jù ú nù, ẹ má ṣe dúró dẹ̀yìn ìgbà yẹn.

Ìdí mìíràn tí mo máa ń bá pàdé ni DND, ètò tó ń dá atẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró. Ẹni tó bá fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti lé àwọn tó ń polówó ọjà lọ lè rí i pé atẹ̀jíṣẹ́ báǹkì náà kò wọlé mọ́. Ẹ fi STATUS ránṣẹ́ sí 2442, á sọ ibi tí ẹ wà fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lẹ tì, ẹ fi ALLOW ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì tún gbìyànjú.

Àwọn báǹkì kan tún máa ń fi OTP ránṣẹ́ sí ímeèlì, àwọn mìíràn sì ní tókìnnì ọlọ́wọ́ tàbí áàpù tó ń ṣe é. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ó dára ju kí ẹ máa retí atẹ̀jíṣẹ́ lọ.

OTP méjì wọlé tẹ̀léra. Èwo ni kí n tẹ̀?

Èyí tí ẹ béèrè kẹ́yìn. Ní kété tí ẹ bá ti tẹ Resend, ti àkọ́kọ́ ti kú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ lè rin ìrìn gígùn kó wá dé lẹ́yìn ti ìkejì, kí ẹ sì tẹ èyí tó ti kú. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Bí ó bá ti dàrú bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìsanwó náà sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Bí OTP bá ti wọlé, ṣé ó túmọ̀ sí pé ẹni tí mò ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe olè?

Rárá, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù owó. Báǹkì béèrè bóyá ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó. Kò béèrè bóyá ọlọ́jà náà ní ọjà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan rí ìpolówó gèlè lórí Instagram, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, kó kàn san ₦1,500 fún ẹni tó máa gbé e wá. Ojú ewé náà rẹwà, àmì Visa àti Mastercard wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà káàdì àti CVV síbẹ̀. Ewé náà kò gbowó kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ohun tó kọ yìí fún ẹnì kan tó ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ọ̀bù tòótọ́ tó ń ta fóònù. Ẹni yẹn fi káàdì náà ra fóònù ₦285,000. Báǹkì rí i pé owó náà pọ̀, ó sì fi OTP ránṣẹ́ sí oníkáàdì, bó ṣe yẹ kó ṣe.

OTP yẹn jẹ́ tòótọ́. Báǹkì ló fi í ránṣẹ́ lóòótọ́. Ní ojú ewé gèlè, àyè kan wà tí wọ́n kọ "Enter OTP" sí. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹni tó ń dúró náà á mú un, á sì tẹ̀ ẹ́ sójú ewé báǹkì kó tó di pé àkókò rẹ̀ kọjá. Ohun tí báǹkì máa rí nínú ìwé rẹ̀ ni pé oníkáàdì dáhùn dáadáa, wọ́n sì ní ẹ̀rí.

Kí ló lè gba oníbàárà yìí? Atẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ báǹkì máa ń kọ iye owó àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà náà. Bí ó bá kà á, á rí ₦285,000 àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù fóònù, nígbà tí òun rò pé ₦1,500 fún gèlè lòun ń san. Ṣùgbọ́n ojú wa ti mọ́ wíwo nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan, kí á sáré tẹ̀ ẹ́. Fóònù mìíràn tiẹ̀ máa ń yọ OTP náà jáde fúnra rẹ̀ kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láì ṣí atẹ̀jíṣẹ́ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i. Ẹ ka iye owó, ẹ ka orúkọ, kí ẹ tó wo nọ́ńbà.

Bí èyí tó wà níbẹ̀ kò bá bá ohun tí ẹ ń rà mu, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ pa ewé náà dé, kí ẹ sì ti káàdì náà pa nínú áàpù báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní béèrè OTP. Ẹ gba káàdì tuntun. Bí atẹ̀jíṣẹ́ báǹkì yín kì í bá kọ iye owó, ẹ fi ẹjọ́ sùn wọ́n. Èmi gbà pé báǹkì tó ń fi nọ́ńbà lásán ránṣẹ́ ń fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Orúkọ tó wà níbẹ̀ lè má jẹ́ èyí tó wà lójú pátákó ṣọ́ọ̀bù o. Nígbà mìíràn, orúkọ tí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ti ilé-iṣẹ́ agbowó, ni yóò yọ. Bí ó bá rú yín lójú, iye owó ni kí ẹ dì mú. Ìyẹn kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

OTP wọlé nígbà tí n kò ra nǹkan kan. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ẹnì kan ti ní nọ́ńbà káàdì yín, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà. OTP tó wà lọ́wọ́ yín nìkan ló kù fún un. Bí fóònù bá dún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, tí ohùn kan ní báǹkì lòun ti ń pè àti pé òun fẹ́ dá ìsanwó kan dúró fún yín, ẹni yẹn gan-an ni. Kò sí OTP tó ń dá owó dúró. Títẹ̀ ẹ́ ló ń jẹ́ kí owó lọ. Ẹ já ìpè náà, ẹ ti káàdì pa, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì pe báǹkì fúnra yín.

Ìkànnì òkèèrè kan yọ owó lórí káàdì mi láìbéèrè OTP. Báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe?

Ọlọ́jà ló ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè 3-D Secure. Bí òun kò bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, báǹkì lè máà ráyè béèrè. Íńdíà ti sọ irú ìbéèrè yìí di dandan láti 2009, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2019. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin tó fi dandan mú ọlọ́jà. Ti fíìmù tàbí orin tí ẹ ń san lóṣooṣù tún yàtọ̀: ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń béèrè, lẹ́yìn náà wọ́n á máa yọ ọ́ pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ ti ṣe. Bí ẹ kò bá ra nǹkan ní òkèèrè, ẹ ti ìsanwó òkèèrè pa lórí káàdì yín nínú áàpù, títí ẹ ó fi nílò rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀yin ọlọ́jà fi gbà á, nígbà tó ń lé oníbàárà sẹ́yìn?

Òótọ́ ni, àwọn kan máa ń fi ọjà sílẹ̀ nítorí OTP kò tètè dé. Ṣùgbọ́n bí a bá ta aṣọ láìbéèrè rẹ̀, tí oníkáàdì wá ní òun kọ́ lòun rà á, báǹkì á gba owó náà padà lọ́wọ́ wa, aṣọ sì ti lọ. Bí báǹkì bá ti fi èdìdì rẹ̀ sí i pé òun dá oníkáàdì mọ̀, gbèsè irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ á kúrò lọ́rùn wa, á bọ́ sọ́rùn báǹkì. Ti ẹjọ́ "èmi kọ́ ni mo rà á" nìkan nìyẹn o. Bí a bá gbé aṣọ tó ya ránṣẹ́ sí yín, OTP kò gbà wá.

Wọ́n já fóònù mi gbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Òṣódì. Ṣé olè lè lo OTP mi?

Ó lè lò ó, kò sì nílò láti ṣí fóònù yín. Á yọ síìmù, á ki í bọ fóònù tirẹ̀, OTP á sì máa wọlé síbẹ̀. Bí káàdì yín bá wà nínú àpò ẹ̀yìn fóònù náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, gbogbo ohun tí báǹkì ń béèrè ti pé sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ káàdì kúrò níbẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi PIN sí síìmù gan-an nínú ètò ààbò fóònù yín. Ó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń ṣí fóònù. Ẹni tó bá gbé síìmù náà sínú fóònù mìíràn á ní láti tẹ PIN yẹn, bí ó bá sì ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á béèrè PUK, nọ́ńbà ìṣísíìmù tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ta. Kí ẹ tún pa ohun tó ń gbé atẹ̀jíṣẹ́ sójú fóònù tí a tì, nítorí olè lè ka OTP níbẹ̀ láì yọ síìmù rárá.

Bí wọ́n bá ti já a gbà, ẹ yá fóònù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ kọ́kọ́ pe báǹkì kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì pa, kí ẹ tó pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n ti síìmù pa. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé kan nínú báàgì yín, nítorí fóònù tí wọ́n já gbà ni ẹ kọ ọ́ sí báyìí.